Ìlà mẹ́rin nísàlẹ̀, ìlà márùn-ún lókè: bí a ṣe gbé ẹ́ńjìnnì 400 kílò kúrò nílé gààrí

Igi ìdábùú tó wà lórí wa dún kẹ̀rẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa ẹ̀ka igi tútù ya. Ẹ́ńjìnnì náà kò tíì kúrò nílẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Mo kígbe pé, "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Díẹ̀díẹ̀! Ẹ má ju okùn sílẹ̀ o!" Àwọn mẹ́rin tó di okùn mú ń tú u jáde ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan títí ẹ́ńjìnnì fi padà jókòó sórí kọnkéré rẹ̀. Nígbà tí mo gun àkàbà lọ wo igi náà, ó ti là láti abẹ́ lọ sókè níbi tí kókó kan wà lára rẹ̀, ojú ibi tó là náà sì gùn tó apá mi. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ká ní a ti gbé e dé àyà ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Ilé gààrí kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Màmá tó ni ibẹ̀ ti ra ẹ̀rọ tuntun, ó sì ti ta ẹ́ńjìnnì dísù àtijọ́ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, irú èyí tó ní wíìlì ńlá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Ẹni tó rà á ti gbé irú rẹ̀ kan sórí òṣùwọ̀n rí, 400 kílò ló sì wọ̀n. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ni pé ká gbé e kúrò lórí nọ́ọ̀tì tó fi dúró nínú kọnkéré, ká gbé e sórí ọmọlanke, ká tì í jáde, ká sì gbé e sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ kò gba kíréènì, òrùlé ilé náà kò sì ga.

Ohun tí a mú lọ ni okùn àti púlì. Ilé púlì méjì ni, tí mo rà ní àlòkù ní Àgodi Gate n'Ìbàdàn, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní kẹ̀kẹ́ méjì nínú. Okùn mànílà tó nípọn mílímítà 16 la fi wọ̀ wọ́n. Bí a ṣe wọ̀ ọ́ nìyí: a so orí okùn mọ́ ìdí ilé púlì òkè, ó sọ̀ kalẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ kan, ó gòkè yí kẹ̀kẹ́ òkè kan, ó tún sọ̀ kalẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ kejì, ó tún gòkè yí kẹ̀kẹ́ òkè kejì, ibẹ̀ ló ti wá bọ́ sílẹ̀ sí ọwọ́ àwọn tó máa fà á. Ìyẹn tó bọ́ sílẹ̀ yìí ni mò ń pè ní okùn ọwọ́.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi ka iye ìlà okùn tó máa gbé ẹrù fún mi.

Ó ní, "Ọ̀gá, márùn-ún ni."

Mo ní, "Lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé púlì ìsàlẹ̀. Fi ọwọ́ rẹ gbá gbogbo okùn tó wọ inú rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan. Mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ?"

Ó gbá wọn mú, ó ní, "Mẹ́rin. Èyí tí a fẹ́ fà kò sí níbẹ̀."

Bí a ṣe ń kà á nìyẹn, kò sì sí ọ̀nà míì tó dára jù ú lọ. Ilé púlì tó ń bá ẹrù rìn ni èèyàn ń wò, kì í ṣe gbogbo okùn tí ojú rí. Okùn tó bá fọwọ́ kan ilé púlì yẹn, tó sì ń fà á lọ síbi tí a fẹ́ kó lọ, òun ló ń gbé ẹrù. Okùn ọwọ́ tiwa ti orí ilé púlì òkè bọ́ sílẹ̀, ilé púlì òkè kò sì lọ síbì kankan. Ohun tí kẹ̀kẹ́ tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe fún wa kò ju pé ó jẹ́ ká lè fà sí ìsàlẹ̀ dípò òkè. Nítorí náà, ìlà mẹ́rin ló gbé 400 kílò. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbé 100 kílò, nítorí pé okùn kan náà ló ń yí gbogbo rẹ̀ ká, ohun tí ọwọ́ sì máa fi fà á, lójú ìwé, kò ju 100 kílò náà lọ.

Ibi tí mo ti ṣìnà ló kàn. Èmi ni mo gbà kí a so púlì mọ́ igi ìdábùú inú ilé náà. Pákó oní-ínṣì 2 sí 6 ni, tó dábùú àlàfo tó lé ní mítà mẹ́ta àti ààbọ̀. Mo ti rí i tí káfíńtà méjì jókòó lórí irú igi bẹ́ẹ̀, mo sì sọ lọ́kàn mi pé bí okùn bá ti pín ẹrù sí mẹ́rin, 100 kílò náà ni igi á gbé. Káfíńtà tó wà lọ́dọ̀ wa bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé igi yìí á lè gbé e?" Mo sì dá a lóhùn pé á gbé e. Ìdáhùn yẹn ni mo ṣì ń dá ara mi lẹ́bi lé lórí dòní, torí pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìlà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ nìkan ni mo kà.

Ẹ jẹ́ ká ka òkè náà. Bí èèyàn bá gbá gbogbo okùn tó kan ilé púlì òkè mú, márùn-ún ló máa wà lọ́wọ́ rẹ̀: mẹ́rin tó lọ síbi ẹrù, àti okùn ọwọ́. Gbogbo márààrún ló ń fa ilé púlì òkè wálẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gbé 100, 500 kílò ló rọ̀ mọ́ igi ìdábùú. Púlì kò lè mú kí ẹrù fúyẹ́ fún igi. Ọwọ́ ẹni tó ń fà á ló mú un fúyẹ́ fún, ìfà ọwọ́ yẹn fúnra rẹ̀ sì tún di ẹrù lórí igi. Nítorí náà ni ohun tí a so púlì kọ́ ṣe ń gbé ju ẹrù fúnra rẹ̀ lọ nígbàkigbà tí a bá ń fa okùn sísàlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi tó ka márùn-ún kò ṣìnà pátápátá. Ó ka iye tó kan igi, a kò sì bi í nípa igi.

Ẹ wá fi ti ìpata kún un, ìyẹn bí nǹkan méjì ṣe máa ń ha ara wọn tí wọn kì í fi í yọ̀ dáadáa. Kẹ̀kẹ́ àwọn púlì yẹn ti pẹ́ láìrí gíríìsì, wọ́n ń dún fíínfíín bí a ṣe ń fà wọ́n. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ kò bá yí dáadáa, ó máa ń jẹ lára agbára tó bá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, nítorí náà ìlà tó tẹ̀ lé e kì í gba tó èyí tó ṣáájú. Lọ́jọ́ kejì, mo yá òṣùwọ̀n onísípíríǹgì lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù, èyí tó lè wọn 200 kílò. A fi ìkọ́ rẹ̀ mú okùn ọwọ́, a sì fi ọ̀pá kọjá lókè rẹ̀ kí àwọn mẹ́rin lè dì í mú fà. Àpótí irin tí a kó irin àlòkù sí títí ó fi pé 400 kílò la kọ́kọ́ fi dán an wò. Bí ẹrù ti ń gòkè, ọwọ́ òṣùwọ̀n ń gbọ̀n nítòsí 150. Kì í ṣe 100 rárá. Ìyẹn túmọ̀ sí pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 400 ti ẹrù àti 150 ti ọwọ́ ló wà lórí igi wa: 550 kílò, láìka ìwúwo púlì fúnra wọn. Pákó tí mo rò pé ó máa gbé 100 ló gbé ìyẹn.

A tú àwọn kẹ̀kẹ́ náà, a fi kẹrosíìnì fọ búṣì wọn, a fi gíríìsì sí i, a sì tún wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ òṣùwọ̀n wá dúró nítòsí 130. Nọ́ńbà yẹn kò ṣẹlẹ̀ lásán, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín. Ká sọ pé kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí ọwọ́ bá fi 100 fà, ìlà tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé okùn ọwọ́ máa gba 90. Ìkejì á gba 81, ìkẹta 73, ìkẹrin tí orí rẹ̀ wà ní síso á gba 66. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 310, kì í ṣe 400. Nítorí náà púlì ìlà mẹ́rin wa, nínú iṣẹ́, kò ju púlì ìlà mẹ́ta lọ púpọ̀: 400 ÷ 3.1 = 129. Èyí náà ló fà á tí n kì í yára fi kẹ̀kẹ́ kún kẹ̀kẹ́. Bí a bá lo ìlà mẹ́fà pẹ̀lú irú kẹ̀kẹ́ yìí kan náà, lójú ìwé ó yẹ kí ọwọ́ fà 67 péré, ṣùgbọ́n 95 ló máa fà, okùn tí a ó máa fà á sì tún gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìdajì.

Ìgbà míì wà tí èèyàn kò ní òṣùwọ̀n, tí iyèméjì sì wà nípa iye ìlà. Ṣọ́ọ̀kì lásán tó. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí okùn ọwọ́, fa mítà kan gééré, kí o wọn bí ẹrù ṣe gòkè sí. Tiwa gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 25, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin. Bó bá jẹ́ ìlà márùn-ún ni, 20 ni ì bá jẹ́. Ìpata kì í yí èyí padà, ìbáà jẹ́ kẹ̀kẹ́ gbẹ, ìbáà jẹ́ ó tutù pẹ̀lú gíríìsì. Òṣùwọ̀n ló máa ń sọ ohun tí ìpata ti jẹ, tépù ni í sọ iye ìlà.

A kò tún lo igi inú ilé mọ́. A fi irin gbọọrọ gbé igun ẹ́ńjìnnì náà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ń ki pákó sábẹ́ rẹ̀ títí ó fi kúrò lórí nọ́ọ̀tì, a sì to pákó tí a fi epo ẹ́ńjìnnì tó ti gbó pa láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọlanke kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Púlì la fi wọ́ ọ jáde.

Ibẹ̀ ni ohun kan wà tó dùn mọ́ mi nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn. Ọ̀pẹ kan wà níwájú ilé, tó nípọn tó sì dúró ṣinṣin. Dípò kí n fi ilé púlì tí okùn ọwọ́ ti ń jáde kọ́ ọ̀pẹ, mo yí gbogbo rẹ̀ padà: mo fi í kọ́ ẹ́ńjìnnì, mo sì fi èkejì kọ́ ìdí ọ̀pẹ. Púlì kan náà, okùn kan náà. Mo tún ní kí ọmọ iṣẹ́ mi kà á.

Ó gbá okùn ilé púlì tó wà lára ẹ́ńjìnnì mú, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, márùn-ún ni lónìí."

Mo ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ márùn-ún?"

Ó ní, "Okùn ọwọ́ wà nínú rẹ̀. Ara èyí tó ń rìn ló ti jáde."

Òótọ́ ni. Nígbà tí okùn ọwọ́ bá ti ara ilé púlì tó ń bá ẹrù rìn jáde, tí a sì ń fà á síbi tí ẹrù ń lọ, òun náà di ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ìlà márùn-ún ló fa ẹ́ńjìnnì, mẹ́rin ló fa ọ̀pẹ. A jèrè ìlà kan láìná kọ́bọ̀. Fún gbígbé sókè, a kì í sábà lè ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó ń fà á á gbọ́dọ̀ wà lókè kó máa fà á sókè. Ṣùgbọ́n fún wíwọ́ nǹkan nílẹ̀, kò sí ìdí tí èèyàn kò fi ní yí púlì rẹ̀ padà. Èèyàn mẹ́ta péré ló wọ́ ọ dé ìta, màmá sì jókòó lórí àga ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń kà á pẹ̀lú wa bí a ṣe ń fà.

Níta, a gbé páìpù irin mẹ́ta dìde, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà mẹ́rin. A fi ṣéènì de orí wọn pọ̀, a gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 fún ìdí kọ̀ọ̀kan, a sì fi ṣéènì míì yí ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká kí wọ́n má baà yọ̀ sẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ nọ́ńbà sílẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan okùn: 400 ti ẹrù, 130 ti ọwọ́, ó lé díẹ̀ fún púlì àti ìkọ́. Páìpù àti ṣéènì òkè gbọ́dọ̀ gbé 550 ní ìrọ̀rùn, kì í ṣe 100, kì í sì í ṣe 400.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúró sábẹ́ ẹrù tó wà lókè, bẹ́ẹ̀ sì ni bí okùn ọwọ́ bá bọ́ sílẹ̀ gbọọrọ, àárín ẹsẹ̀ páìpù lẹni tó ń fà á á wà. Bó bá sì fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti òkè, ó lè fa gbogbo páìpù ṣubú. Nítorí náà mo so púlì kékeré kan mọ́ ìdí ọ̀kan nínú àwọn páìpù, nísàlẹ̀ pátápátá, kí okùn ọwọ́ gba inú rẹ̀ kó lè jáde sí ẹ̀gbẹ́ nílẹ̀. Ẹni tó ra ẹ́ńjìnnì ti dé nígbà yẹn, ó sì ní, "Ẹ ti fi ìkan kún un, ó ti di márùn-ún." Kò di márùn-ún. Púlì yẹn kò kan ẹrù, ó kàn darí okùn ni, ó sì tún jẹ ìpín tirẹ̀ nínú agbára. Ìfà ọwọ́ gòkè láti 130 sí nǹkan bí 145. Mo san án tìfẹ́tìfẹ́, nítorí ó mú kí àwọn mẹ́rin lè dúró jìnnà sí ẹrù.

Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù náà ga ní sẹ̀ǹtímítà 80, a sì fẹ́ kí ìdí ẹ́ńjìnnì dé 90. Ìlà mẹ́rin, nítorí náà a ó fa okùn mítà mẹ́ta àti sẹ̀ǹtímítà 60. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí yóò dé. Mo tún wo àlàfo tó wà láàárín ilé púlì méjèèjì pé ó ju 90 lọ, torí pé bí wọ́n bá pàdé kí ẹrù tó ga tó, ibẹ̀ ni iṣẹ́ parí sí. Bí a ṣe ń fà, ẹni kan ń to pákó sábẹ́ ẹ́ńjìnnì láti ẹ̀gbẹ́, kó má baà já bọ́ ju ìbú ìka mẹ́rin lọ bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Ní àárín méjì, ilé púlì ìsàlẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tí àwọn ìlà sì fẹ́ lọ́ mọ́ra wọn. A dúró, a sọ̀ ọ́ sórí pákó, a tú u lọ́rùn, a sì so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì kí ẹnì kan máa fi dì í mú kó má yí. Okùn tó ti lọ́ mọ́ra á máa pata mọ́ ara rẹ̀, ìṣirò tí a ṣe kò sì ní bá a mu mọ́.

Ìsọ̀kalẹ̀ ni mo kìlọ̀ fún wọn nípa rẹ̀ jù. Nígbà tí píkọ́ọ̀pù ti fi ẹ̀yìn wọlé sábẹ́ ẹrù, tí a sì kó pákó kúrò, ọ̀kan lára àwọn tó di okùn mú ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti fúyẹ́!" Ó fúyẹ́ lóòótọ́. Ìpata tó ń bá wa jà nígbà tí a ń gbé e lọ sókè ti padà di tiwa: ó ń bá wa di ẹrù mú. Pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ mẹ́rin wọ̀nyẹn, nǹkan bí 76 kílò ti tó láti sọ ẹrù 400 kalẹ̀, púlì ìdí páìpù sì tún mú un rẹlẹ̀ sí bíi 70. Ìdajì ohun tí ọwọ́ ń fà lẹ́ẹ̀kan ni. Ibi tí ọwọ́ ti máa ń dẹ̀ nìyẹn, tí okùn á sì sáré gba àtẹ́lẹwọ́ jáde, tí á jó o. Mo ti ní kí wọ́n yí okùn ọwọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì mọ́ ìdí páìpù kí a tó kúrò lórí pákó, nítorí náà kò sẹ́ni tí okùn lè bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ń tú u ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, ẹ́ńjìnnì ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan.

Ó jókòó sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Sípíríǹgì ọkọ̀ náà rẹlẹ̀, ó sì dúró. Ọmọ iṣẹ́ mi tú púlì kúrò lókè, ó fi áńkáṣíìfù nù ún, ó sì fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sára ilé méjèèjì kó tó kó wọn sínú àpò: 4 sára ti ìsàlẹ̀, 5 sára ti òkè. Káfíńtà ti wà nínú ilé ní tirẹ̀, ó ń wọn igi tuntun tí mo ra rọ́pò èyí tó là.